Ìdí Tí Gọ́tà Tuntun Fi Máa Fẹ̀ Ju Ti Àtijọ́ Lọ

Ìbéèrè kan ń wá léraléra láti ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ìdílé tí omi lé kúrò nílé ní Màsífà àti agbègbè Èjìgbò: kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ gé lára iwájú ilé ká tó padà wọlé? Ṣé gọ́tà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó fẹ̀ ní gígùn búlọ́ọ̀kù kan, kò tó ni? A ó fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín níbí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ máa bi ẹnjiníà kí ẹ tó gbà tàbí kí ẹ tó kọ̀.

Iye omi tó ń bọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Ká sọ pé ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sínú gọ́tà kan jẹ́ hẹ́kítà 3, ìyẹn bíi pápá bọ́ọ̀lù mẹ́rin. Ká tún sọ pé òjò líle ń rọ̀ bí ẹni pé ó máa tó mílímítà 100 ní wákàtí kan. Níbi tí òrùlé páànù àti àgbàlá líle bá pọ̀, bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún omi náà lè ṣàn lọ, tí ìyókù sì wọlẹ̀. Ẹ sọ 0.6 di ìlọ́po 100, ẹ tún sọ ọ́ di ìlọ́po 3, kí ẹ wá fi 360 pín in. Ó máa jẹ́ 0.5: lítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ogún kẹ́ẹ̀gì onílítà 25.

Ṣé gọ́tà náà lè gbé e? Ìlànà tí àwọn ẹnjiníà fi ń dáhùn ni èyí tí Robert Manning, ará Írẹ́lándì, gbé kalẹ̀ ní 1889:

```
V = (1/n) × R^(2/3) × S^(1/2)
Q = A × V
```

V ni bí omi ṣe yára tó, Q sì ni iye omi tó ń kọjá. A ni fífẹ̀ gọ́tà lọ́nà jíjìn omi. S ni ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lẹ́tà n dúró fún bí ara rẹ̀ ṣe rí gbágungbàgun tó. Kọnkéré tó dán máa ń jẹ́ nǹkan bíi 0.015. R ni ẹ máa rí tí ẹ bá fi gígùn ibi tí omi fara kàn, ìyẹn ìsàlẹ̀ àti ògiri méjèèjì, pín A. Ògiri àti ìsàlẹ̀ ló ń fa omi sẹ́yìn, nítorí náà bí R bá ṣe tóbi tó ni omi ṣe ń yára tó.

Ẹ jẹ́ ká fi ìdagẹ̀rẹ̀ 0.005 ṣe é, ìyẹn ààbọ̀ mítà nínú ọgọ́rùn-ún mítà. Gọ́tà àtijọ́, tó fẹ̀ tó sì jìn ní sẹ̀ńtímítà 45, kò lè gbé ju lítà 270 lọ bó bá kún dẹ́nu. Lítà 230 tó ṣẹ́ kù ló ń wọ yàrá yín. Tí a bá sọ fífẹ̀ àti jíjìn omi di sẹ̀ńtímítà 60, A máa jẹ́ 0.36, R máa jẹ́ 0.2, omi máa sáré ní mítà 1.6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, gọ́tà náà á sì gbé bíi lítà 580. Sẹ̀ńtímítà 15 péré la fi kún un, síbẹ̀ agbára rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, nítorí pé àyè pọ̀ sí i, omi náà sì yára sí i. Ògiri á tún ga ní sẹ̀ńtímítà 15 lórí ojú omi, nítorí pé omi máa ń rú. Ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ bèèrè iwájú ilé nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí iyanrìn lè ṣe. Bí iyanrìn àti ọ̀rá bá ga ní sẹ̀ńtímítà 20 nínú gọ́tà tuntun yẹn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá rí gbágungbàgun tí n fi di 0.025, lítà 210 ló máa gbé kí omi tó dé ibi kan náà lára ògiri. Kò tó ti gọ́tà àtijọ́ mọ́! Lójú tiwa, ẹni tó bá yọ̀ǹda iwájú ilé rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ta ni yóò máa kó iyanrìn náà, àti ìgbà wo.

Ìlànà Manning tún ní ibi tó mọ. Ó ń sọ̀rọ̀ gọ́tà gígùn tí fífẹ̀ àti ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, tí ohunkóhun kò sì dí i níwájú. Bí páìpù tóóró bá wà lábẹ́ ọ̀nà nísàlẹ̀, páìpù náà ló máa pinnu iye omi tó máa kọjá. Odò Ògùnpá ní Ìbàdàn fi èyí hàn ní August 31, 1980: pàǹtírí àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi wà lára ohun tó jẹ́ kí omíyalé yẹn pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ẹ lè fojú ara yín mọ̀ ọ́n. Bí òjò bá ń rọ̀ tí omi gọ́tà ga ṣùgbọ́n tí kò sáré, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú bí omi adágún, nǹkan kan ló dí i nísàlẹ̀. Fífẹ gọ́tà níwájú ilé yín kò ní yanjú rẹ̀. Bó bá ga tó sì ń sáré, gọ́tà náà ló kéré. Ẹ fi ẹfun sàmì sí ibi tí omi dé lára ògiri, kí ẹ sì fi hàn wá nígbà tí a bá wá pẹ̀lú ẹnjiníà. Bíríkìlà tó ní rọ́bà gígùn tí wọ́n ń rọ omi sí náà lè bá yín wọn ìdagẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ àdúgbò.