Ta ni yóò ru òfò àga tó bàjẹ́?

Nígbà tí mo ń kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà jọ ní Àjàṣẹ́ fún iṣẹ́ ìwádìí mi, mo rí i pé "ó bàjẹ́" nìkan kò tó fún ẹni tó ń ṣírò owó. Mo pín in sí mẹ́ta. Àgékù ni pákó tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a ti gé èyí tí a fẹ́. Alábùkù ni ohun tí a ṣì lè tún ṣe kí oníbàárà tó gbà á. Àbàjẹ́ ni èyí tí àtúnṣe kò ràn mọ́.

Ìbéèrè tó le ni pé: ìṣírò ta ni owó wọn yóò wọ̀? Ẹ jẹ́ ká gbà pé oníbàárà kan béèrè 40 àga. Ọ̀gá ṣe 42, torí pé méjì bàjẹ́. Àga kọ̀ọ̀kan gba wákàtí 5 àti 10 000 fáránkì. Ó ta méjì tó bàjẹ́ ní 1 500 fáránkì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn àga tó tẹ̀ kọrọdọ, tí oníbàárà yìí fúnra rẹ̀ béèrè, ló mú igi là, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò ru òfò náà. A ó ṣírò 420 000, a ó yọ 3 000 tí a rí kúrò. Ó ku 417 000, ìyẹn 10 425 fún àga kọ̀ọ̀kan nínú 40.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ihò kòkòrò tó fara pamọ́ sínú pákó ló fà á, iṣẹ́ ẹnikẹ́ni ni ì bá bá. Nítorí náà, gbogbo iṣẹ́ ni yóò pín in. Ká ní ọ̀gá ti fojú bù ú pé irú òfò yìí yóò tó 150 000 lọ́dún, tí ìsọ̀ sì ń ṣe wákàtí 3 000: 50 fáránkì ni yóò fi kún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àga kan wá di 10 250, 40 sì di 410 000. Àga méjì tó bàjẹ́ jẹ́ 20 500. Bí a bá yọ 3 000, 17 500 ni yóò lọ sínú ìnáwó gbogbo ìsọ̀.

Ibi tí àṣìṣe ti ń wọlé nìyí: ẹni tó ti fi 50 fáránkì yẹn kún wákàtí, tó tún gbé òfò kan náà lé iṣẹ́ oníbàárà, ti gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Owó àtúnṣe ń tẹ̀lé ìlànà kan náà. Owó àgékù tí a tà sì ń dín ìnáwó ẹni tó ni òfò náà kù.

Bí ọmọ iṣẹ́ bá fi pákó sílẹ̀ sínú òjò, kì í ṣe òfò tí a ń retí. Kò gbọdọ̀ wọ iye owó àga kankan: èrè ọ̀gá ni a ó ti yọ ọ́. Kí a tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, ká kọ́kọ́ bi ara wa pé: ṣé ì bá ṣẹlẹ̀ bó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn ni?