Bọ́ọ̀lù Kan, Igun Méjì

Bí ẹnìkan bá gbá bọ́ọ̀lù sókè, ohun méjì ló ń pinnu ibi tí yóò balẹ̀ sí: bí ó ṣe yára tó nígbà tó kúrò lẹ́sẹ̀, àti igun tó fi kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pe ìyára yẹn ní v, ká pe igun ní θ, kí g sì dúró fún bí ilẹ̀ ṣe ń fa bọ́ọ̀lù wálẹ̀. Bí bọ́ọ̀lù yóò ṣe jìnnà tó nìyí:

R = 2v² sin θ cos θ / g

Ibi tó ti ń díjú ni pé bí igun ṣe ń ga sí i ni sáìnì ń pọ̀ sí i, kósáìnì sì ń dín kù. A kò lè fojú lásán mọ ibi tí ìsodipúpọ̀ àwọn méjèèjì ti pọ̀ jù. Fọ́múlà igun onílọ̀ọ́po méjì ló ń sọ méjèèjì di ẹyọ kan, nítorí pé 2 sin θ cos θ kò yàtọ̀ sí sin 2θ:

R = v² sin 2θ / g

Sáìnì kì í ju 1 lọ, ìgbà tí igun rẹ̀ bá sì jẹ́ 90° ló ń pé 1. Nítorí náà 2θ gbọ́dọ̀ jẹ́ 90°, θ yóò sì jẹ́ 45°. (Orí ilẹ̀ títẹ́jú tí afẹ́fẹ́ kò ti dí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nìyẹn o. Ní pápá gidi, igun tó dára jù máa ń kéré sí 45°.)

Wàyí o, ká ní bọ́ọ̀lù ń sáré mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ká fi g sí 10, ká sì fẹ́ kó balẹ̀ ní mítà 20. R di 40 sin 2θ, sin 2θ sì di 1/2. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ á kọ 30°, wọ́n á pín in sí méjì, wọ́n á ní 15°, ó tán. Kò tíì tán. Sáìnì 150° náà jẹ́ 1/2, èyí tó fún wa ní 75°. Ẹ̀rọ ìṣírò kò ní sọ ìdáhùn kejì yìí fún wọn.

Báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó? Gíga jẹ́ v² sin² θ / 2g, ìyẹn 20 sin² θ. Fọ́múlà ìdajì igun ní sin² θ = (1 − cos 2θ)/2, nítorí náà gíga di 10(1 − cos 2θ). Kósáìnì 30° jẹ́ 0.866, bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ ga ní mítà 1.34. Fún ìkejì, kósáìnì 150° jẹ́ −0.866, ẹni tó bá gbàgbé àmì ìyọkúrò yẹn yóò tún rí 1.34 kan náà. Ìdáhùn tó tọ́ ni mítà 18.66. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 20 géérégé ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àmì kan ti yí.

Bọ́ọ̀lù oní-15° yóò lu àyà àwọn tó to ògiri síwájú gólì. Èyí oní-75° yóò fò wọ́n kọjá, ṣùgbọ́n yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lókè, gólì á sì ti dúró dè é.