Gúrúpù tàbí ínfátà: èwo ló yẹ ilé yín nígbà tí iná bá lọ?

Ní Odòmẹ́ta àti káàkiri ilẹ̀ Kétu, ilé tí wáyà iná SBEE ti dé mọ ohun tí òkùnkùn òjijì jẹ́. Ìjì lè wó igi lé wáyà, tàbí kí ilé iṣẹ́ pa iná láti tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Lóòótọ́, nǹkan ti yàtọ̀ sí ti àtijọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni orílẹ̀-èdè Benin fi ra èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ lọ́wọ́ Nàìjíríà àti Gana, bí iná kò bá sì tó lọ́dọ̀ tiwọn, àwa ni a ń jókòó nínú òkùnkùn. Ní ọdún 2019 ni wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ amúnáwá kejì ní Màríà-Gíléta, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 127. Síbẹ̀, wáyà tó gba inú oko kọjá kó tó dé abúlé ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀fúùfù kì í sì í wojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀rọ méjì ni àwọn onílé ń rà nítorí èyí. Àkọ́kọ́ ni gúrúpù, ẹ̀rọ tó ń mu epo pẹtiróòlù, tó sì ń sọ ọ́ di iná. Èkejì ni ínfátà, tí kò mu epo rárá. Ó ń gba iná SBEE nígbà tí ó bá wà, á kó o pa mọ́ sínú bátìrì, á sì dá a padà fún yín nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tó bá ń ta ọ̀kan nínú méjèèjì á sọ pé tòun ló dára jù. Ìṣirò ni kí a gbà gbọ́.

Kí a tó ṣírò, ẹ jẹ́ kí a mọ ọ̀rọ̀ kan, èyíinì ni wáàtì. Wáàtì ni a fi ń wọn bí ẹ̀rọ kan ṣe ń fa iná tó. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lára gílóòbù, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n àti lábẹ́ fáànù. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Gílóòbù márùn-ún wà níbẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gba wáàtì 10, àpapọ̀ wọn jẹ́ 50. Fáànù kan ń gba 50, tẹlifíṣọ̀n ń gba 60, fóònù mẹ́rin tí a kì bọ iná sì ń gba 20. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wáàtì 180. Iná lọ ní aago méje alẹ́, àwọn ará ilé sì fẹ́ máa rí iná títí di aago mọ́kànlá. Wákàtí mẹ́rin nìyẹn.

Gúrúpù ni kí a kọ́kọ́ wò. Èyí tó kéré jù lọ́jà, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé, lè gbé nǹkan bíi wáàtì 650. Iṣẹ́ tí ilé wa fẹ́ kò tó ìdá mẹ́ta agbára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni á rò pé epo tí yóò mu náà yóò dín kù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa yí nígbà 3000 ní ìṣẹ́jú kan, yálà gílóòbù kan ni ó ń tàn tàbí ilé mẹ́ta, nítorí eré yẹn ni ó ń mú kí iná rẹ̀ bá ẹ̀rọ inú ilé mu. Epo tó sì ń fi sá eré yẹn, kò sí ẹni tó lè gbà á padà. Nítorí náà, yóò mu nǹkan bí ìdajì lítà ní wákàtí kan, bí ẹrù rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́. Ní wákàtí mẹ́rin, lítà méjì ti lọ.

Èló ni lítà kan? Ìgbà kan wà tí epo inú ìgò ẹ̀bá ọ̀nà, tí à ń pè ní payo, kò wọ́n. Nàìjíríà ni ó ti ń wá, owó tí ìjọba wọn ń fi ran epo lọ́wọ́ ni ó sì mú un pọ́ọ́kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ tuntun wọn kéde pé owó ìrànwọ́ náà ti dópin, owó epo sì fò sókè lọ́dọ̀ wọn àti lọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí a fi lítà kan sí 700 fúráńkì. Bí ó bá yàtọ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ ń rà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ fi tirẹ̀ rọ́pò. Lítà méjì jẹ́ 1400 fúráńkì fún alẹ́ kan, láìka ọ́ìlì tí a ń pò mọ́ epo àwọn gúrúpù kékeré wọ̀nyí.

Ó wá kan ínfátà. Ẹ wo ara bátìrì rẹ̀, ẹ ó rí nọ́ńbà méjì. Ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ 12, èkejì lè jẹ́ 100, 150 tàbí 200. Ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Bátìrì 150 yóò fún wa ní 12 lọ́nà 150, èyí tí í ṣe 1800. Ìyẹn ni pé ó lè gbé wáàtì 1800 fún wákàtí kan, tàbí wáàtì 180 fún wákàtí mẹ́wàá. Ó kéré tán, ohun tí òǹtajà máa ń sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bátìrì tí a fi òjé ṣe kò fẹ́ kí a fà á tán. Ẹni tó bá ń fà á kọjá ìdajì lójoojúmọ́ ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. Nítorí náà, 900 péré ni tiwa nínú 1800 yẹn. Ínfátà fúnra rẹ̀ á tún jẹ díẹ̀ níbẹ̀. Láti fún ilé ní wáàtì 180 fún wákàtí mẹ́rin, tí í ṣe 720, yóò fa nǹkan bíi 850 nínú bátìrì. Bátìrì 150 kan tó ilé wa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló fi tó o. Bátìrì 100 kò ní tó.

Nígbà tí iná bá padà, a ó dá ohun tí a fà padà sínú bátìrì. Díẹ̀ á tún ṣòfò lójú ọ̀nà, nítorí náà mítà SBEE yóò ka nǹkan bíi 1200, ìyẹn kílówáàtì kan àti díẹ̀. Bí kílówáàtì kan bá jẹ́ 125 fúráńkì, 150 fúráńkì ni gbogbo rẹ̀. 150 dípò 1400: ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń dá ìṣirò dúró, tí wọ́n á sì sáré lọ ra ínfátà.

Ó yá wọn jù. Bátìrì máa ń kú. Ká ní ẹ rà á ní 120 000 fúráńkì, tó sì lo ọdún mẹ́ta. Bí iná bá ń lọ ní alẹ́ mẹ́wàá lóṣù, ẹ ó ti lò ó ní alẹ́ 360 kó tó kú. Ẹ pín 120 000 sí ọ̀nà 360, alẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi 330 fúráńkì. Ẹ fi 150 ti iná kún un, ó di 480. Ínfátà borí gúrúpù dáadáa.

Ṣùgbọ́n bí iná bá ń lọ ní alẹ́ méjì péré lóṣù ńkọ́? Bátìrì kò mọ̀ pé a kò lò òun. Ó ń darúgbó níbi tó jókòó sí. Ní ọdún mẹ́ta, alẹ́ 72 ni ẹ ó lò ó. Alẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò gba nǹkan bíi 1670 fúráńkì lórí bátìrì nìkan, ó sì ti kọjá owó epo gúrúpù. Pẹ̀lú àwọn iye tí a lò yìí, alẹ́ mẹ́ta lóṣù ni ààlà. Ilé tí iná rẹ̀ kì í lọ tó bẹ́ẹ̀, gúrúpù kékeré ni ó máa ná an ní owó díẹ̀ jù. Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ gbé ìwé kan kọ́ sára ògiri, kí ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí iná lọ àti wákàtí tó gbà sí i fún oṣù méjì.

Owó nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀, ariwo ńkọ́? Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn ariwo. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé kí ariwo inú yàrá má kọjá dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 30 kí ènìyàn tó lè sùn dáadáa. Gúrúpù tó bá ń pariwo 65 ní mítà 7 yóò dín kù sí 59 ní mítà 14, àti 53 ní mítà 28. Bí a bá sún un jìnnà ní ìlọ́po méjì, 6 péré ni yóò máa dín. Ìdí nìyẹn tí gúrúpù ẹnìkan fi ń gba oorun lójú agbo ilé mẹ́rin. Bí ẹni tó wà ní ìwọ̀n apá kan sí yín bá ní láti gbé ohùn sókè kí ẹ tó gbọ́ ọ, ariwo ibẹ̀ ti tó èyí tó ń ba etí jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ti ínfátà, fáànù kékeré inú rẹ̀ nìkan ni ẹ ó gbọ́.

Ariwo yìí, àti ẹ̀rù olè, ló ń mú kí àwọn kan gbé gúrúpù wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ má ṣe é láé. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò sì ní àwọ̀. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Ìta gbangba ni ààyè gúrúpù, jìnnà sí fèrèsé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹrù, ibẹ̀ sì ni àwọn tó ń ta omi tútù ti máa ń kó sí wàhálà. Firísà kékeré lè máa gba wáàtì 150 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, onílé á sì rò pé gúrúpù 650 kò ní ìṣòro pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mọ́tò inú firísà bá fẹ́ gbéra, fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lè fa ìlọ́po márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kúrò lójú kan. 150 ti di 750. Ohùn gúrúpù á wálẹ̀, gílóòbù á ṣókùnkùn, firísà á kùn hùn-ún, á dún kọ́, á sì dákẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ èyí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, nítorí mọ́tò tó ń kùn tí kò yí ń jóná. Ínfátà kékeré náà yóò ṣe bákan náà. Ẹ rántí pé bí ara rẹ̀ bá kọ 1000 pẹ̀lú lẹ́tà VA, nǹkan bíi wáàtì 800 ni ó lè gbé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òǹtajà iye tó lè gbé nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra. Ní ti áyọ́ọ̀nù oníná, tó ń gba 1000, ẹ má kàn án mọ́ ínfátà tó ní bátìrì kan: wáyà á gbóná, bátìrì á sì gbẹ kí aṣọ mélòó kan tó gún. Iṣẹ́ gúrúpù ńlá nìyẹn, bíi ti ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga.

Ohun kan tún wà tí ínfátà kò lè ṣe. Bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì gbáko, kò sí ibi tí yóò ti rí ohun kó sínú bátìrì, àfi bí ẹ bá ní páńẹ́ẹ̀lì oòrùn. Bákan náà, ní ìparí ìlà wáyà, iná lè wà ṣùgbọ́n kó rẹlẹ̀, kí gílóòbù máa pọ́n. Ínfátà á rò pé iná ti lọ, á máa jẹ nínú bátìrì nígbà tí ẹ rò pé ó ń kún. Ilé tó bá wà ní irú ibẹ̀, páńẹ́ẹ̀lì ni kí ó kọ́kọ́ rà.

Ẹni tó bá ti ra ínfátà, kí ó máa dán bátìrì wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bátìrì gbọ́dọ̀ ti kún. Ẹ yọ ínfátà kúrò lára iná SBEE, ẹ tan gbogbo ohun tí a kà lókè, ẹ sì wo aago. Bí ó bá pa kí wákàtí méjì tó pé, bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lò tán. Èyí tó bá ní ìdérí lórí, ẹ ṣí i, ẹ wò ó bóyá omi bo irin inú rẹ̀. Bí kò bá bò ó, omi ìbátìrì tí a tà nínú ìgò ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe omi kànga, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe tan iná àbẹ́là nítòsí rẹ̀ nígbà tó bá ń gba iná, nítorí afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀ ń gbiná.