Ìdánwò Tó Lè Pe Ìyá Olóye Ní Ẹni Tó Ń Ṣarán

Ẹni tó bá ti ra gàrí lọ́jà Ọ̀mù-Àrán lọ́wọ́ ẹni tó lu ìdí kọ́ńgò rẹ̀ wọnú mọ̀ pé bó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹwàá, iye kan náà ni yóò gbà. Kọ́ńgò náà kì í yí padà, síbẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìdánwò ọpọlọ ṣe lè rí. Ọ̀tọ̀ ni pé kí èsì rẹ̀ ṣe é gbára lé, ọ̀tọ̀ ni pé kó wọn ohun tí wọ́n ní ó ń wọ̀n.

Ẹ jẹ́ ká mú ìdánwò ọpọlọ tí Folstein àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975. Máàkì 30 ni. Ẹni tí kò bá gba tó 24, wọ́n sábà máa ń fura pé àìsàn ìgbàgbé ti ń ṣe é. Ká ní ìyá ẹni àádọ́rin ọdún kan ní Èsìẹ́, tí kò dé ilé ìwé rí, gba 22. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ó tún gba 22: èsì náà dúró. Nọ́ọ̀sì méjì jókòó tì í, kálukú dá máàkì tirẹ̀ kọ, 22 ni àwọn méjèèjì kọ: ẹnu wọn kò.

Ṣùgbọ́n níbo ni máàkì mẹ́jọ yòókù wọlé sí? Wọ́n ní kó ka gbólóhùn kan, kó ṣe ohun tó wí: 1. Kó kọ gbólóhùn tirẹ̀: 1. Kó ya àwòrán onígun márùn-ún méjì tó wọnú ara wọn: 1. Kó máa yọ 7 kúrò nínú 100, títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀marùn-ún: 5. Ìyá náà gba gbogbo ìyókù láìkù síbì kan, síbẹ̀ wọ́n ní ó ń ṣarán. Ìwé tí kò kà ni wọ́n wọ̀n.

Ọ̀nà míì tí a fi ń mọ̀ bóyá ìdánwò ń wọn ohun tí wọ́n ní ó ń wọ̀n ni ká fi èsì rẹ̀ wé ohun tí dókítà rí. Ká ní nínú àgbà 100, dókítà rí i pé 10 ní àìsàn náà. Ìdánwò mú 9 nínú wọn, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó tún mú 30 nínú àwọn 90 tí ara wọn le. Nínú 39 tó fẹ̀sùn kàn, 9 péré ló jẹ̀bi.

Ìdí nìyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, pẹ̀lú àwọn olùwádìí láti Indianapolis, fi lo ìdánwò mìíràn fún àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn ní nǹkan bí ọdún 1992. Kò sí kíkà tàbí kíkọ nínú rẹ̀. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n sì ń bi ará ilé pẹ̀lú: ṣé ìyá máa ń gbàgbé ibi tó kó nǹkan sí? Ṣé ó ń ṣìnà ládùúgbò? Ìdáhùn méjèèjì ni wọ́n ń pa pọ̀.

Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ọpọlọ ìyá yín wò, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tó kàwé dé fún wọn, kí ẹ sì ní kí wọ́n bi ẹ̀yin ọmọ léèrè pẹ̀lú.