Bí Edé Lílọ̀ Ṣe Ń Bàjẹ́ Nínú Ìgò Ní Sabon Gari

Edé tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò ní ọjà Sabon Gari, ní Kánò, ti rin nǹkan bí 1,000 kìlómítà kí ó tó débẹ̀. Etí òkun ló ti wá: Oron àti Ibaka ní Ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, àwọn abúlé orí omi ní Bayelsa, àti ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Rélùwéè ló kọ́kọ́ mú kí ìrìn náà rọrùn. Ojú irin tó ti Èkó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kánò ní 1912, àárín ìgbà yẹn náà ni ìjọba òyìnbó ya Sabon Gari sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò tó wá láti gúúsù. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò fi ọbẹ̀ ilé wọn sílẹ̀, edé sì tẹ̀ lé wọn. Lóde òní, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó àpò edé wá.

Gbígbẹ ló gbé edé dé Kánò láìbàjẹ́. Omi ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin edé tútù lọ. Àwọn obìnrin etí òkun máa ń tẹ́ ẹ sórí àtẹ tó ga sókè iná igi, ooru a fa omi rẹ̀ jáde, èéfín a sì wọ̀ ọ́ lára. Bí omi tó ṣẹ́ kù kò bá ju bí 10 nínú 100 lọ, kò sí ohun tí ó lè bu ún, nítorí olu tó ń bu oúnjẹ kò rí omi tó máa mu. Bí ó bá gòkè dé bí 15, ìbu ti ní àyè. Ìyàtọ̀ náà kéré púpọ̀, ojú kò sì lè rí i, ṣùgbọ́n ìka mọ̀ ọ́n: edé tó gbẹ a máa ṣẹ́ pẹ́kẹ́ bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, èyí tí kò gbẹ a máa tẹ̀, kò ní ṣẹ́.

Ojú ọjọ́ Kánò ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ọyẹ́ a máa fẹ́, afẹ́fẹ́ a gbẹ débi pé edé tí wọ́n gbàgbé sínú abọ́ tí kò ní ìdérí á tún gbẹ sí i ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tọ́jú edé ní àsìkò yẹn á rò pé Kánò kì í ba edé jẹ́. Oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún máa ń mú ooru tó lè dé 40 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì wá. Lẹ́yìn náà ni òjò dé, oṣù Kẹjọ ló sì máa ń pọ̀ jù. Nígbà yẹn afẹ́fẹ́ a kún fún ọ̀rinrin, edé a sì máa mu ún padà, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ṣe máa ń ṣomi nínú ìgò.

Odindi edé ṣì lè fara da èyí fún ìgbà díẹ̀, nítorí èèpo rẹ̀ bò ó. Lílọ̀ ló ń ṣí i sílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá fọ́ ọ túútúú, afẹ́fẹ́ ń kan gbogbo ara rẹ̀, ọ̀rá díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Ọ̀rá edé kò pọ̀, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ tètè ń bàjẹ́ tí atẹ́gùn bá kàn án, pàápàá nínú ooru. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lára edé náà ń ṣá lọ lọ́nà kan náà. Ohun méjì mìíràn tún wà nídìí ẹ̀rọ. Edé máa ń gbóná bó ṣe ń jáde, bí wọ́n bá sì dé e pa ní gbígbóná, ooru yẹn á di ìrì lára ìdérí, á sì kán padà sínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ata tútù ni wọ́n lọ̀ kẹ́yìn lẹ́nu ẹ̀rọ yẹn, omi ti wọ inú edé kí ó tó dé ilé.

Ká mú kóńgò kan tí wọ́n lọ̀ ní ìparí oṣù Karùn-ún, tí wọ́n sì dà sínú ìgò oníke lórí pẹpẹ tó sún mọ́ sítóòfù. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ó ṣì ń dà bí iyẹ̀fun, òórùn rẹ̀ sì jọ ti èéfín àti òkun. Tí òjò bá ti wọlé, ooru ọbẹ̀ ń wọ inú ìgò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ṣí i, ṣíbí tó ti kan ọbẹ̀ náà sì ń bọ̀ ọ́. Ní bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti ń dì ní ògúlùtu. Bí ògúlùtu yẹn bá fọ́ ní kíá tí ìka bá tẹ̀ ẹ́, tí òórùn rẹ̀ kò sì yí padà, ọ̀rinrin lásán ni. Ó yẹ kí wọ́n yan án nínú páànù gbígbẹ lórí iná díẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó tutù pátápátá, kí wọ́n sì tètè lò ó. Ṣùgbọ́n bí ògúlùtu bá nípọn, tí òwú funfun tàbí àbàwọ́n aláwọ̀ ewé bá so mọ́ ọn nínú, ó ti bu. Gbogbo ìgò náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ dà nù, nítorí gbòǹgbò olu ti kọjá ibi tí ojú rí.

Imú máa ń tètè mọ̀ ju ojú lọ. Òórùn òróró àtijọ́ tàbí ọ̀dà ilé túmọ̀ sí pé ọ̀rá rẹ̀ ti gbó. Ọbẹ̀ á korò díẹ̀ lẹ́nu. Òórùn tó jọ ìtọ̀, tó ń ta sí imú, jẹ́ ti kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹran ara edé, èyí sì burú jù. Ata kì í bo òórùn yìí mọ́lẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ló ń gbìyànjú rẹ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ edé gbígbẹ náà wà. Ìdin rẹ̀ ní irun, ó pọ́n bí kọfí, àgbà rẹ̀ sì dúdú. Òmíràn wà tó ń dán bí irin, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa. Nínú odindi edé, ihò wẹ́wẹ́ àti awọ tí ìdin bọ́ sílẹ̀ ló ń tú àṣírí wọn. Nínú èyí tí a ti lọ̀, wọ́n ti di iyẹ̀fun pẹ̀lú edé, ẹnikẹ́ni kò sì lè mọ̀. Ìdí nìyí tí edé tí oníṣòwò ti lọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀rá kò fi dá ènìyàn lójú tó odindi. Àwọn kan ń fọ́n oògùn kòkòrò díkílófọ́ọ̀sì sí àpò edé láti lé wọn, ohun tó léwu ju kòkòrò lọ. Ní 2019 ni àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn náà.

Sísè kì í tún edé bíbu ṣe. Iná lè pa olu, ṣùgbọ́n májèlé tí olu ti tú sínú oúnjẹ, irú áfílátóṣíìnì, kì í bàjẹ́ lórí iná ọbẹ̀. Sísá sí oòrùn náà kò lè ṣe é.

Odindi ló yẹ kí a rà, kí a lọ ìwọ̀nba tí a máa lò láàárín oṣù kan lẹ́nu ẹ̀rọ gbígbẹ, kí ó tutù kí a tó dé e, kí ìgò sì jìnnà sí sítóòfù. Lásìkò ọyẹ́, edé lílọ̀ lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní Kánò. Láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, èyí tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí pẹpẹ yẹ kí a rùn ún, kí a sì wò ó dáadáa, kí a tó dà á sínú ọbẹ̀.