Bí Ọ̀rọ̀-Ìṣe Ṣe Gba Àga Kejì Nínú Èdè Jámánì

Nílé àgbàlagbà olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì nílùú Leipzig ni mo wà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ Ìbàdàn, tó wá kí bàbá náà, sọ lédè Jámánì pé, «Morgen ich gehe nach Berlin», gẹ́gẹ́ bí àwa ṣe ń wí pé lọ́la, mo ń lọ sí Bẹ̀líìnì. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, bàbá gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀, ó ní: “Ọmọ mi, «Morgen gehe ich» ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ni àga kejì. Ẹni tó bá wù ú kó gba ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe olùwà, kí olùwà ó lọ jókòó sẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe.” Mo bi í léèrè ẹni tó ṣòfin náà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni òun ṣe bá a lẹ́nu ìyá òun.

Òfin náà fúnra rẹ̀ kò ta kókó. Àpólà ni à ń kà níbẹ̀, a kì í ka ọ̀rọ̀: bí ènìyàn bá fi «Nach dem langen Winter», èyí tí í ṣe lẹ́yìn ìgbà òtútù gígùn, bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni, síbẹ̀ àga kan ṣoṣo ni ó gbà, ọ̀rọ̀-ìṣe yóò sì tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn asopọ̀ bí «und» àti «aber» kò gba àga kankan. Ṣùgbọ́n nínú awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, irú èyí tí «weil» ń ṣáájú, ìparí pátápátá ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń lọ, ibẹ̀ gan-an sì ni ìjà àwọn ọ̀mọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀: èwo nínú méjèèjì ni ilé rẹ̀ àtijọ́?

Àwọn tó ní ìparí ni, ìwo wúrà Gallehus ni wọ́n fi ń jẹ́rìí. Ní abúlé yìí, ní gúúsù Dẹ́máàkì, ni wọ́n ti rí ìwo wúrà méjì nínú ilẹ̀, ọ̀kan ní 1639, èkejì ní 1734. Ara èkejì, tí wọ́n ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ sí nǹkan bí ọdún 400 lẹ́yìn ìbí Kírísítì, ni ẹni tó rọ ọ́ fín ọ̀rọ̀ sí: ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ ìwo, ìgbẹ̀yìn ló wá mú ọ̀rọ̀-ìṣe wá, pé òun ṣe é. Ìwo náà kò sí mọ́. Ní 1802, alágbẹ̀dẹ wúrà kan tí ń jẹ́ Niels Heidenreich fi àyédèrú kọ́kọ́rọ́ wọ ilé ìṣúra ọba Dẹ́máàkì, ó jí ìwo méjèèjì gbé, ó sì yọ́ wọn. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ará ìṣáájú ti ya àwòrán ohun tí a fín sára rẹ̀ sílẹ̀, ẹlẹ́rìí tó lẹ́nu jùlọ nínú ẹjọ́ yìí ìbá ti di òrùka àti yẹtí.

Jacob Wackernagel, ọmọ Basel ní ilẹ̀ Switzerland, gba ọ̀nà mìíràn yọ ní 1892. Ó ti kíyè sí i nínú Gíríìkì àti Sáńsíkíríìtì àtijọ́ pé àwọn ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí a kì í tẹ ohùn mọ́ a máa rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú gbólóhùn. Ó sì mọ̀ pé, ní Sáńsíkíríìtì, ọ̀rọ̀-ìṣe inú olórí awẹ́ gbólóhùn kì í ní ìtẹ̀mọ́hùn, nígbà tí ti inú afarahẹ ní in. Ó ní ìwọ̀nba ohùn bẹ́ẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀-ìṣe Jámánì wá sí àga kejì, pé ogún láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá ni. Àlàyé náà dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n oníwo Gallehus kò gbọ́ ọ: olórí awẹ́ gbólóhùn ni tirẹ̀, ìparí ló sì fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí.

Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí ọdún 800, nínú ìwé Bíṣọ́ọ̀bù Isidor tí wọ́n túmọ̀ sí Jámánì ayé ìgbà náà, ọ̀rọ̀-ìṣe ti ń jókòó sí àga kejì lemọ́lemọ́, àyàfi pé ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ bí «ih», èyí tí í ṣe mo, a máa yọ́ wọ àárín òun àti àpólà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni wọ́n lé ayọ́wọlé yìí jáde.

Ó ti padà wọlé lónìí ní Kreuzberg ní Bẹ̀líìnì, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wí pé «Morgen ich geh Kino». Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, wọ́n ní kò lè lákìísà bí àgbà. Àwọn wọ̀nyí kò mọ̀ pé àkísà ẹni ẹgbẹ̀rún ọdún ni wọ́n gbé wọ̀, ó sì ń ha èmi pàápàá létí. Heike Wiese, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ̀wé lórí èdè wọn ní 2012, ní ètò ni, kì í ṣe àṣìṣe: àkókò ṣáájú, ẹni tí ọ̀rọ̀ dá lé lórí tẹ̀ lé e, kí ọ̀rọ̀-ìṣe tó dé. Àwọn àgbà àdúgbò ní èdè Tọ́kì ilé wọn ló kó bá wọn. Bóyá ni, ìparí gbólóhùn ni èdè Tọ́kì ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí, kì í fi í sí ipò kẹta.