Fùláwà tí wọ́n kì mọ́ ife ń jẹ èrè

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta oúnjẹ n'Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí ni kò ní òṣùwọ̀n, dẹ́ríkà, kóńgò àti ife ni wọ́n ń lò. Àmọ́ ohun kan náà kọ́ ni ife kan ń gbà. Ife tí ìdajì omi inú ọ̀rá sẹ́ńtílítà 50 máa ń kún ń gba òróró bíi gíráàmù 230, ìrẹsì bíi 200, fùláwà ò sì ju bíi 125 lọ.

Fùláwà yìí gan-an ló ń tan èèyàn, nítorí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀. Ká ní ẹni tó ń dín pọ́fù-pọ́fù l'Ẹlẹ́kọ ra ọ̀rá fùláwà kílò kan. Kó fi síbí bù ú sínú ife láì gbọ̀n ọ́n, kó fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ẹ̀, kó máa kà. Ife mẹ́jọ ló máa jẹ́. Tó bá wá ti ife bọ inú ẹ̀, tó kì í, bíi mẹ́fà àbọ̀ ni. Ẹni tó bá ń bu mẹ́jọ tó kì, tó pè é ní kílò kan, àpò kílò 50 tó yẹ kó pò lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ 50 á tán ní bíi 40. Pọ́fù-pọ́fù náà á tún le.

Òróró ò ṣeé kì. Ti ìrẹsì, ìdí dẹ́ríkà ọlọ́jà ni kẹ́ ẹ wò, bóyá ó ti wọnú.